"Àti" kan ṣoṣo: ọ̀nà mẹ́rin tí adájọ́ lè gbà ka òfin

Àríyànjiyàn lórí ìbò ààrẹ ọdún 2023 kò tíì tán nílé wa. Abala 134 nínú òfin Nàìjíríà ní kí ẹni tó máa wọlé ní ìbò tó pọ̀ jù. Ó tún ní kí ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ "àti" Abuja. Tinubu ní èyí ní ìpínlẹ̀ 29. Ṣùgbọ́n ìbò 90,902 tó ní ní Abuja kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin níbẹ̀. Ni Atiku àti Obi bá gba ilé ẹjọ́ lọ.

Wọ́n ní kí adájọ́ ka ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Èyí ni ìlànà ojú-ọ̀rọ̀. Bí ìyá bá rán ọmọ ní iyọ̀ àti epo, tí ọmọ mú iyọ̀ nìkan dé, kò tíì jẹ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n apá kejì náà di ọ̀rọ̀ yìí kan náà mú: wọ́n ní "àti" kàn fi Abuja kún àwọn ibi tí a óò kà ni.

Bí ojú-ọ̀rọ̀ bá bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, ìlànà wúrà gba adájọ́ láàyè láti dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣé ẹni tó wọlé ní ìpínlẹ̀ 36 yóò pàdánù nítorí Abuja nìkan? Ìlànà kẹta, tó ti inú ẹjọ́ Heydon wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1584, máa ń béèrè àìsàn tí òfin wá wò. Àìsàn tibí ni ààrẹ tí agbègbè kan ṣoṣo yàn. Ìpínlẹ̀ 29 ti wo ìyẹn sàn.

Ìlànà ète ló gbòòrò jù, torí ó ń ka òfin pọ̀ lódindi. Abala 299 ní kí a lo òfin fún Abuja bí ẹni pé ó jẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Ọ̀nà yìí ni ilé ẹjọ́ ìbò ààrẹ tọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, 2023: ìbò ará Abuja kò wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá.

Lójú tiwa, ìdáhùn yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìṣirò kan sílẹ̀. Àwọn àgbà rántí 1979. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ méjìlá àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti ní ìdá tirẹ̀, ilé ẹjọ́ sì fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano kún un fún un. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀sọ́ kò gbà: ó ní ìpínlẹ̀ 13 ni òfin ń wí. Ní báyìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta 36 jẹ́ 24 géérégé. Ṣùgbọ́n bí Abuja bá di ìkẹtàdínlógójì, ìdá náà á di 24 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ 29 Tinubu ni kò jẹ́ kí ìyẹn mú wàhálà wá. Ẹni tó bá ní 24 péré lọ́jọ́ iwájú ni yóò gbé e padà síwájú adájọ́.