Líìfù Tí A Pín Kò Dín: Èsì fún Àwọn Tó Ní Ká Gbà Á Lódidi

Kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí èèyàn máa wọ̀ tí kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀: "Má pín líìfù rẹ o. Ẹni tó bá pín in ti sọ ọ́ nù." Wọ́n á ní ìsinmi tó bá já sí méjì kì í wọ ara. Wọ́n á tún ní apá kejì kì í padà wá, pé ọ̀gá á gbé e mì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìkejì máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pípín ló ń fà á. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà tọrọ rẹ̀ ló ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi kàlẹ́ńdà ṣírò, torí àwọn tó ń pariwo pé líìfù ń dín kò jókòó kà á rí. Nínú ìwé òfin iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2008, òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 7 sókè ní ọjọ́ 30 lọ́dún. Ipele 4 sí 6 ní ọjọ́ 21, àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn ní 14. Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ni ìwé yẹn pè é, èyí tó túmọ̀ sí pé Àbámẹ́ta àti Àìkú wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kò bá tiẹ̀ ní lọ síbi iṣẹ́ rárá, wọ́n á kà á mọ́ líìfù yín, bí ó bá ti bọ́ sí àárín.

Ká mú òṣìṣẹ́ ipele 8 kan. Ó gba ọjọ́ 30 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti Ọjọ́ Ajé, 6 Júláì 2026. Líìfù náà á parí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló há sí àárín, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó tún wá fi líìfù rà padà. Ọjọ́ iṣẹ́ tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ 22 péré. Ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kò lè ju 22 lọ.

Kí ẹnì kejì rẹ̀ pín tirẹ̀. Ó gba ọjọ́ 19, láti Ọjọ́ Ajé 20 Júláì dé Ọjọ́ Ẹtì 7 Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ọmọ máa ń wà nílé. Ó fi ọjọ́ 11 tó kù sí Dìsẹ́ńbà, láti Ọjọ́ Ajé 14 dé Ọjọ́bọ̀ 24. Apá àkọ́kọ́ mú ọjọ́ iṣẹ́ 15 kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìkejì mú mẹ́sàn-án. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló fi ju ẹnì kìíní lọ, láti inú ọjọ́ 30 kan náà, torí pé apá àkọ́kọ́ parí ní Ọjọ́ Ẹtì, òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì wá jẹ́ ọ̀fẹ́. Apá kejì ní tirẹ̀ dúró sẹ́nu Kérésì: ọjọ́ 25 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́ kúrò nínú líìfù rẹ̀. Àṣírí rẹ̀ kò ju pé kí apá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, kó má sì parí sí Ọjọ́ Àìkú.

Àwọn ọ́fíìsì kan gbọ́n ju èyí lọ. Wọ́n á kọ ọ́ pé líìfù parí ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á sì tún fọgbọ́n ka òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn. Inú lẹ́tà tí wọ́n fi fọwọ́ sí i lẹ ti máa mọ̀: ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wọlé padà wé iye ọjọ́ tí wọ́n ní ẹ ti lò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni ibiṣẹ́ yín ń kà, bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣe ń ṣe, èrè ọjọ́ méjì yìí kò sí. Síbẹ̀, pípín kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Àtúnṣe ti wọ ìwé 2008 yẹn láti ìgbà náà, torí náà èyí tí ibiṣẹ́ yín ń lò lónìí ni kí ẹ wò.

Ó wá ku ti ara. Àwọn olùwádìí kan ní Nẹ́dálándì tẹ àbọ̀ jáde ní 2013, lórí òṣìṣẹ́ 54 tó gba ìsinmi gígùn, bí ọjọ́ 23 ní ìdọ́gba. Ara àwọn èèyàn náà yá gágá kíákíá, ó sì dé góńgó rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n padà síṣẹ́, ó ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ 54 kéré, mi ò ní fi búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní oṣù kan gbáko ló ń wọ ara ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ̀rí tirẹ̀ dà? Bí adùn ìsinmi bá ti pòórá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó máa rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló jèrè.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gé e wẹ́wẹ́ o. Àdéhùn kejìléláàádóje ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti 1970, gbà kí a pín ìsinmi ọdún, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí apá kan kó má dín ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ méjì tí kò já, àfi bí àdéhùn mìíràn bá wà. Ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ owó máa rí i pé báńkì lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìdí tirẹ̀: ẹni tó ń jí owó díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí kó máa bo ojú ìwé, ọ̀sẹ̀ méjì tí kò bá sí níbẹ̀ ló máa ń tú u fó. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ti apá àkọ́kọ́ òkè yẹn tó fún méjèèjì.

Ẹ̀rù pé ọ̀gá á gbé apá kejì mì ló le jù, ẹ ó sì rí i pé ìgbésẹ̀ kan ló ń fà á. Òṣìṣẹ́ á kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ lo ọjọ́ 19 báyìí, màá lo ìyókù tó bá yá." Tó bá yá kì í ṣe ọjọ́ kan. Nígbà tí Dìsẹ́ńbà bá dé, ẹni mẹ́ta mìíràn ti wà nínú rósítà, ọ̀gá á ní kò sí àyè, kò sì purọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ nìyí, ní Jánúárì kí wọ́n tó tẹ rósítà:

"Ọ̀gá mi, mo ń fi ọ̀wọ̀ tọrọ pé kí n gba líìfù ọdún yìí lẹ́ẹ̀mejì: láti 20 Júláì sí 7 Ọ́gọ́ọ̀sì, àti láti 14 sí 24 Dìsẹ́ńbà. Ẹni tó máa dúró fún mi nígbà méjèèjì ti gbà, ó sì ti fọwọ́ sísàlẹ̀. Mo ń fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí méjèèjì lórí ìwé kan yìí."

Ìbùwọ̀lù kan, déètì mẹ́rin. Bí ọ̀gá bá wá fẹ́ yí apá kejì padà, ìwé rẹ̀ ló fẹ́ yí, ẹ sì lè béèrè ọjọ́ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíkọ. Ẹ béèrè níbẹ̀ pẹ̀lú bóyá apá àkọ́kọ́ ni owó líìfù máa bá wá.

Ẹ má sì gbà nígbà tí wọ́n bá ní wọ́n á fi owó san apá tó kù. Abala 18 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fowó dípò ìsinmi fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbà kí ẹ jọ sún ìsinmi síwájú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù 24. Òfin náà kò kan òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó tàbí iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú. Ti ìwé òfin iṣẹ́ ọba làwọn ń lò. Níbẹ̀, ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí ní Jánúárì ni kí ẹ dì mú.