Kí Ni A Ó Fi Ránṣẹ́ sí Ẹni tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ta ni ó sọ fún wa pé ohùn tí a gbà sórí fóònù ni ó fi ìfẹ́ hàn jù lọ? Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan jáde láyé. Bí wọ́n ti sin ín tán, tí ilé kún fún àlejò, ọ̀rẹ́ mi tẹ ohùn kan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú 4 gbáko ni ẹkún, pẹ̀lú ìbéèrè pé, "Àìsàn wo ló pa wọ́n?" Ìyá rẹ̀ tí ó ti dákẹ́ tún bú sẹ́kún. Ṣé ìtùnú nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ kíkọ kì í pariwo. Ẹni náà lè kà á láàárín èrò, kí ó sì tún un kà lóru nígbà tí oorun bá kọ̀. Ẹ dárúkọ olóògbé, ẹ sọ ohun rere kan tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Àdúrà àdàkọ tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ kò tó.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń pọ̀kàkà ikú, iṣẹ́ kúkúrú ni ó kọ́kọ́ rán sí ìyá ọmọ náà pé kí ó ṣe sùúrù. Nígbà tí ìyẹn tún ránṣẹ́ pè é, ó dìde lọ.

Ẹni tí kò mọ̀wé kà ni kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí, kí ó má ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Bí ẹ bá ṣì ń sunkún lọ́wọ́, ẹ má tíì gbà á sílẹ̀.