Libreville: Kí omi oòrùn má baà tutù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi ìwẹ̀ gbóná ní Libreville lè rò pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ṣiṣẹ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, àmọ́ ìkùukùu máa ń bo oòrùn.

Táǹkì gbọ́dọ̀ ga ju pánẹ́ẹ̀lì lọ, torí omi gbígbóná ló ń gòkè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè lé ìkùukùu lọ. Ó yẹ kí irin oníná wà nínú táǹkì, kí wọ́n máa tàn án kìkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn kò bá ràn. Fún lítà 150, bíi yúnìtì iná 3.5 ti tó.