Bí Wọ́n Bá Fi Ímeèlì Fẹ̀sùn Kàn Yín, Èsì Yín Ni Ìgbẹ́jọ́ Yín

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ̀yin olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ owó tàbí ẹrù nílé iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kúẹ́rì tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí ìwé, tí mẹ́séńjà á gbé wá, tí a ó sì buwọ́ lù pé a ti gbà á, orí fóònù ló ń gbà wọlé báyìí. Ó lè dé lálẹ́, nígbà tí èèyàn ti ń múra àtisùn, kí orúkọ ọ̀gá àgbà àti ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ ẹni sì tò sókè rẹ̀. Tí ẹ̀sùn inú rẹ̀ kò bá wá jóòótọ́, inú á ru, ọwọ́ á sì ti wà lórí bọ́tìnnì. Kí ọwọ́ yín tó tẹ̀ ẹ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: èsì tí ẹ fẹ́ kọ yẹn lè jẹ́ gbogbo ìgbẹ́jọ́ tí ẹ máa rí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ìlú yìí mọ ohun tí ìgbẹ́jọ́ ń náni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU dá wàhálà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin, olùkọ́ 49 ló gba ìwé pé iṣẹ́ wọn ti parí. Wọn kò kọ ẹ̀sùn kankan sí wọn kí wọ́n lè dáhùn. Ẹjọ́ náà gba Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ kọjá, ó gba Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kọjá, ó sì di ọdún 2009 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó ní kí wọ́n dá wọn pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ẹjọ́ náà dúró lé ni pé òfin tó dá yunifásítì sílẹ̀ sọ pé kí wọ́n tó yọ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jà fún àyè láti fèsì, àyè kan náà tí ímeèlì alẹ́ yẹn gbé lé yín lọ́wọ́.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ aládàáni kò ní irú òfin yẹn lẹ́yìn. Ọ̀gá rẹ̀ lè fún un ní nótíìsì tó wà nínú àdéhùn wọn, kó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwà àìtọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ á béèrè bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Wọ́n rò pé ìgbìmọ̀ kan á pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ iwájú, níbi tí wọ́n á ti ṣàlàyé dáadáa. Ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé bí agbanisíṣẹ́ bá ti kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́, tó sì fún òṣìṣẹ́ láyè láti kọ èsì, ó ti gbọ́ tẹnu rẹ̀ nìyẹn, kò di dandan kó tún pè é síwájú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi èébú kún èsì rẹ̀ ti fi èébú ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ti jẹ́ kí àyè rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ro ó báyìí. Olùkọ́ ìṣirò kan wà nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Tánkẹ̀. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ Àlàrùbá, 16 Oṣù Keje, 2025, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ ímeèlì sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà àti gbogbo olùkọ́. Ó ní máàkì SS2 pẹ́ kó tó dé, pé ohun tó jẹ́ kí àwọn òbí pa dà sílé láìrí èsì ọmọ wọn nìyẹn, pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, pé kò bọ̀wọ̀ fún àṣẹ, kó sì fèsì láàárín wákàtí 48.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó ya ẹ̀sùn wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ sórí ìwé. Pé máàkì pẹ́, ohun tí èèyàn lè wádìí ni, nítorí ó ní ọjọ́ àti aago. Pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, èyí náà ṣeé wádìí, nítorí táàmù tó ti kọjá ní àkọsílẹ̀. Pé kò bọ̀wọ̀ fún àṣẹ, èrò ọkàn ọ̀gá nìyẹn. Kò sí ìwé tí èèyàn lè mú jáde láti fi hàn pé òun ń bọ̀wọ̀, nítorí náà kó má dá a lóhùn rárá. Bí èsì náà bá ṣe lọ́wọ̀ tó ló máa dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà kó ṣí ibi tí a kọ Sent sí, kó wá ímeèlì tó fi máàkì ránṣẹ́. Aago tó wà lórí rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Kó má ṣe da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú èsì tuntun, torí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó yí i. Lórí Gmail ti kọ̀ǹpútà, Forward as attachment wà tó máa so ímeèlì àtijọ́ mọ́ tuntun lódindi, pẹ̀lú ọjọ́ àti ipa ọ̀nà tó gbà rìn. Kó má pa ímeèlì ẹ̀sùn náà rẹ́ nítorí inú bí i. Ohun tó bá wọ Trash níbẹ̀ máa ń parẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Bí ó bá sì jẹ́ àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ ló ń lò, wọ́n lè tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró, nítorí náà kó tẹ ímeèlì ẹ̀sùn àti èsì rẹ̀ sórí ìwé kó tó di ọjọ́ náà. Orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ kò sí lára ohun tó yẹ kó gbé lọ sílé. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọlé nílé ẹjọ́, bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, títí kan ìwé tó ń jẹ́rìí sí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ti jáde.

Ìgbà yìí ló tó lè kọ̀wé, kó sì yọ gbogbo àdírẹ́sì kúrò níbi tí a kọ To àti Cc sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí kò ní àdírẹ́sì kò lè fò lọ. Undo Send tí Gmail fún wa kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ, ìbínú sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣeé ṣe kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ímeèlì yín ti alẹ́ Àlàrùbá, 16 Oṣù Keje, lórí máàkì ìṣirò SS2. Gbèdéke tí ẹ fún wa ni Jímọ̀, 11 Oṣù Keje. Mo fi máàkì náà ránṣẹ́ sí yín ní Àlàmísì, 10 Oṣù Keje, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ìrọ̀lẹ́. Ímeèlì ọjọ́ náà ni mo so mọ́ èyí. Ní Àtìní, 14, ẹ ní kí n tún un tò sínú fọ́ọ̀mù tuntun. Mo dá a pa dà ní Àtàlátà, 15, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀. Òun náà wà níbẹ̀.

“Máàkì ọmọ mẹ́ta kò sí nínú èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, nítorí wọn kò ṣe ìdánwò náà. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín lọ́jọ́ náà, mi ò sì sọ ọ́. Ní táàmù kejì, máàkì mi fi ọjọ́ kan pẹ́. Mi ò rí òmíràn nínú àkọsílẹ̀ mi fún ọdún yìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀ fún mi.

“Mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ pé máàkì SS2 pẹ́ kó tó dé, kí àtúnṣe náà sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó gba ímeèlì àkọ́kọ́.”

Ẹ wo ìpínrọ̀ kejì yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ kọ ọ́, wọ́n ní ó ń fún ọ̀tá ní ọ̀bẹ. Èmi gbà pé òun ló fún ìwé náà lágbára jù. Ọ̀gá mọ̀ nípa ọmọ mẹ́ta náà, ó sì mọ̀ nípa táàmù kejì. Bí olùkọ́ bá fò wọ́n, òun ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ fi dá a lóhùn, ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá náà. Olùkọ́ náà jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kò lé e kọjá bó ṣe mọ.

Ewu mìíràn wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí àgbà bá ń bínú, ká kúnlẹ̀ ká bẹ̀ ẹ́, yálà a jẹ̀bi tàbí a ò jẹ̀bi. Nínú yàrá, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Nínú fáìlì, kò sí ẹni tó máa rí ìkúnlẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n máa rí ni pé a bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀sùn náà, wọ́n á sì kà á sí pé a gbà á. Ẹ kí ọ̀gá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀bẹ̀ lórí ìwé fún ohun tí ẹ kò ṣe.

Àwọn tí ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ wọn náà ni kí èsì lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá fèsì fún ọ̀gá nìkan ti jẹ́ kí ẹ̀sùn náà dúró lójú àwọn yòókù, ẹni tó bá sì fi àwọn mìíràn kún wọn, tàbí tó gbé e sórí WhatsApp, ti fún ọ̀gá ní ẹ̀sùn tuntun tó jẹ́ òótọ́. Kó dá gbogbo àdírẹ́sì náà pa dà síbẹ̀, kó sì ka orúkọ ibẹ̀ kó tó rán an. Bí ìwé tó nílò kò bá tíì dé kí wákàtí 48 tó pé, kó kọ ìlà méjì pé òun ti rí ẹ̀sùn náà, pé òun kò gbà á, kó sì dárúkọ ọjọ́ tí èsì kíkún máa dé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti dára, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ní ọjọ́, aago tàbí ìwé nínú. Èyí tí kò ní ìlà, tó sì ń sọ irú ẹni tí ọ̀gá jẹ́ tàbí ìdí tó fi kórìíra yín, ẹ yọ ọ́, kódà kó jẹ́ òótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ lórí fóònù yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣí Sent. Ẹ wá ọjọ́ àti aago yín kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan.