Orin Tí Ẹ Bá Fi Ránṣẹ́, Ẹ Fi Àyè Èsì Sílẹ̀ Nínú Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn mọ bí òwe yìí ṣe ń dun ni tó, nítorí ojú gan-an ni kò sí níbẹ̀. Ohun tó kù ni ohùn lórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ àti orin. Ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ló wà nínú irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Olólùfẹ́ tèmi jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Sókótó, èmi wà ní Ìbàdàn níbí, oṣù kẹjọ sì rèé tí a ti ń fi orin ránṣẹ́ síra wa. Èrò mi ni pé púpọ̀ nínú orin tí àwọn olólùfẹ́ ń fi ránṣẹ́ kì í jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àárò nìkan ló kún inú rẹ̀, kò sí ibi tí ẹni tó gbà á yóò gbà dáhùn.

Àwọn baba wa mọ èyí kí fóònù tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìfẹ́ hàn sí ẹni tó wà lókèèrè lè fi àrokò ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ẹni tó gbà á létí, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a padà. Ẹ̀jọ nìyẹn: èrò wa jọ. Ẹ wo bí àrokò náà ṣe gbọ́n tó. Ẹni tó fi ẹ̀fà ránṣẹ́ kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Bí mo ṣe ń yan orin nìyẹn. Mo máa ń bi ara mi pé, tí ó bá gbọ́ èyí, kí ni yóò fi dá mi lóhùn?

Fún àárò, orin tí mo kọ́kọ́ mú ni «Baby Jowo» ti olóògbé Victor Olaiya, ọ̀gá nínú orin háláìfù, èyí tí òun àti 2Baba jọ tún kọ ní 2013. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìbéèrè àti ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń wá olólùfẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìlù àti fèrè háláìfù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ẹkún. Ìbéèrè sì ń bèèrè èsì. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń wá òun lè dáhùn pé òun rèé. Orin tó jẹ́ pé ẹkún ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin kò fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ní nǹkan kan ṣe. Kò lè wá nu omijé náà, ìbànújẹ́ nìkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Fún ìrètí, «Eye Adaba» ti Aṣa ni, nínú àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2007. Ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń pè é kó wá bà lé òun, ilẹ̀ sì ti mọ́. Orin náà kò ṣe ìlérí kankan. Kò dá ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò padà, kò sì sọ pé ohun gbogbo yóò dára lọ́la. Nítorí náà, kò lè di irọ́ bí wọ́n bá sún ọjọ́ ìpàdé síwájú. Òwúrọ̀ la máa ń fi í ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi í ránṣẹ́ lálẹ́, torí pé òwúrọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́, mo mọ̀ pé ó ti jí, ara rẹ̀ sì yá. Èsì tèmi kì í ju pé kí n sọ bí ojú ọjọ́ Ìbàdàn ṣe rí.

Orin kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. «Ire» ti Adekunle Gold, tó jáde ní 2018, sọ̀rọ̀ ẹni tó rò pé ibòmíràn dára ju ilé lọ, tó wá rí i pé ilé ni ire ti ń pe òun. Orin tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan fi í ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Toronto, láìfi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ire ń bọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ohun tí ọkùnrin náà gbọ́ ni pé wọ́n ń bá òun wí pé òun kúrò nílé, òun tó ṣì ń wá owó ilé tó ń gbé. Ọjọ́ méjì ni kò fi fèsì. Orin kan náà ni, àmọ́ ẹni tó wà nílé àti ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò gbọ́ ọ bákan náà. Ẹni tó sún mọ́ ìpadàbọ̀ la ń fi irú orin yìí ránṣẹ́ sí. Bí ọ̀nà bá ṣì jìn, ẹ fi ohùn yín ṣe gbólóhùn kan tì í, kí ẹ sọ ibi tó wọ̀ yín lọ́kàn níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà fi orin ránṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe kọ orin láti inú ẹ̀rọ kan sínú fóònù nígbà tí ẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ariwo ni ẹ̀rọ ìpè máa ń ka ìlù sí, á máa gé e kù, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì á máa já. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú ní orin náà lórí fóònù tirẹ̀, kí ẹ jọ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí dátà bá tán, ẹ fi imú kọ ọ́, kí ẹ fi ìwọ̀nba ohùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ohùn ọ̀rọ̀ wà nínú orin Yorùbá, ẹni tó ti mọ orin náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi imú sọ ọ̀rọ̀ tuntun o! «Mo fẹ́ rí ẹ» àti «mo fẹ́ kó lọ», ohùn kan náà ni wọ́n ní: àárín, òkè, òkè, àárín.

Àwọn kan yóò ní orin olórin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni, kí olúkúlùkù sọ tẹnu rẹ̀. Mo gbà pé orin kò lè yanjú ìjà, kò sì lè rọ́pò ìpè. Síbẹ̀, ẹni tó fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ kọ́ ló dá ẹyọ owó. Yíyàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orin mẹ́ta tí ẹ̀yin méjèèjì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sàn ju àádọ́ta tí ẹ kàn dà lé ara yín lórí lọ. Bí orin yín bá sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ̀jọ kò tíì padà wá, ẹ má fi ìkẹrin ránṣẹ́. Ẹ pè é, kí ẹ béèrè ohun tó ń ṣe é.