Nígbà tí owó ilẹ̀ bá dúró lágbedeméjì

Gbólóhùn kan wà tó ń tọ ìwé ilẹ̀ káàkiri Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Ẹni tó ń tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ti há a sórí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo oníbàárà láìbi wọ́n léèrè: bí olùrà kò bá san owó tó kù lásìkò, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ olùtà, owó tó ti san yóò sì wọlé. Olórí ẹbí a tẹ̀ka, olùrà a fọwọ́ sí i, àwọn ẹlẹ́rìí a fọwọ́ sí i, kálukú a sì máa lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé gbólóhùn yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, àti pé ohun tó yẹ kó wà nípò rẹ̀ kò ṣòro láti kọ.

Àwa ará gúúsù Èkìtì kì í sábà rí owó ilẹ̀ san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíṣà ń retí owó oṣù. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré ń retí ìgbà tí kòkó bá gbẹ, tó bá sì tà. Ilẹ̀ tó yí Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ká ní Ìkéré, àti èyí tó wà lẹ́bàá títì Àkúrẹ́ sí Adó, ti ń gbówó lórí, nítorí náà ẹni tó bá ní díẹ̀ lọ́wọ́ a sáré san án sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Kò sí ohun tó burú nínú sísan díẹ̀díẹ̀. Àárín ọ̀nà ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí olùrà ti máa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ó san ìdajì owó, ó wa ìpìlẹ̀, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí i ká, ó sì gbà pé kò sẹ́ni tó tún lè lé òun. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Odùfuyẹ̀ àti Fátókè ní 1977, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ẹjọ́ Odùṣọgà àti Ricketts ní 1997, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé ẹni tó san apá kan nínú owó ilẹ̀, tí kò san ìyókù nígbà tó yẹ, kò tíì ra ilẹ̀ náà, ìbáà ti wà lórí rẹ̀. Èyí bá àṣà wa mu. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ohun tó ń sọ ilẹ̀ di títà ni kí owó pé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́ lójú àwọn ẹlẹ́rìí náà. Owó tí kò pé kò sọ ilẹ̀ di ti olùrà.

Ṣùgbọ́n kí olùtà má tíì jó. Pé olùrà kò tíì ni ilẹ̀ kò túmọ̀ sí pé olùtà lè ṣe bó ṣe wù ú. Àdéhùn ṣì wà láàárín wọn, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń fòpin sí i. Ibí yìí gan-an ni gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ sọ ti máa ń já olùtà kulẹ̀.

Ká ní olórí ẹbí kan ní Ìkéré gbà láti ta pulọ́ọ̀tì kan fún tíṣà obìnrin kan ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà, ₦1,200,000. Tíṣà san ₦200,000 lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé, ó sì gbà láti máa san ₦100,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Ó san ti oṣù kìíní. Ti oṣù kejì pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ti oṣù kẹrin pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá gba owó méjèèjì, ó kọ risíìtì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí oṣù karùn-ún parí, tíṣà ti san ₦700,000. Ọmọ rẹ̀ wá ṣàìsàn, kò rí ti oṣù kẹfà àti ti oṣù keje san. Ní oṣù kẹjọ, ẹnìkan láti Àkúrẹ́ gbé ₦1,500,000 wá, Bàbá sì ta ilẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni tíṣà dé pẹ̀lú ₦500,000 tó kù.

Bàbá á ní ìwé ti sọ ọ́: ó ti pẹ́, ilẹ̀ ti padà, owó ti wọlé. Lọ́yà tíṣà á béèrè ìbéèrè méjì péré. Àkọ́kọ́: ṣé ìwé sọ pé ọjọ́ ìsanwó kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá? Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, òfin kì í sábà ka ọjọ́ sí ohun tó lè fọ́ àdéhùn ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èkejì ló le jù: ìgbà tí ti oṣù kejì àti ti oṣù kẹrin pẹ́, tí Bàbá gba owó láìjanpata, kí ló sọ fún tíṣà? Ẹni tó bá ń gba owó tó pẹ́ láìṣàwáwí ti mú kí ẹnìkejì gbà pé kò sí kánjúkánjú. Ó lè dá ọjọ́ náà padà sí bó ṣe le tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kó kọ̀wé sí tíṣà, kó fún un ní àkókò tó bójú mu láti san gbèsè, kó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá san. Bàbá kò kọ nǹkan kan. Ẹnu tíṣà gba ọ̀rọ̀ dáadáa ní kóòtù. Ẹni tó wá láti Àkúrẹ́ náà ti kó sínú ìjàngbọ̀n, pàápàá bó bá rí ìpìlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò béèrè ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ṣé ₦700,000 lè wọlé bẹ́ẹ̀? Owó oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀, ìwé wa sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni owó ìdánilójú, èyí tí olùrà fi ń fi hàn pé òun kò ṣeré. Bó bá yẹ àdéhùn, ó lè pàdánù rẹ̀. Èkejì ni owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ń san díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn yẹ kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí olùtà bá yọ ohun tó pàdánù gan-an. Owó ìdánilójú pàápàá ní ìwọ̀n. Ní 1993, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ ilẹ̀ kan tó wá láti Jàmáíkà, níbi tí báǹkì kan ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ìdá márùn-dín-lọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó ilẹ̀. Wọ́n ní ìdá mẹ́wàá ni àṣà, pé èyí ti pọ̀ jù, kí báǹkì dá owó padà, kó sì yọ kìkì àdánù tó bá lè fi hàn. Ẹjọ́ yẹn kò de kóòtù wa, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni òfin wọn àti tiwa ti hù, lọ́yà tó mọṣẹ́ á sì gbé e síwájú adájọ́.

Bí èmi bá ń kọ ìwé fún Bàbá àti tíṣà, báyìí ni mo máa kọ apá ìyẹ̀-àdéhùn. Nínú ₦200,000 àkọ́kọ́, ₦120,000 ni owó ìdánilójú, ìyókù jẹ́ owó ilẹ̀. Bí owó oṣù kan bá pẹ́, Bàbá yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí tíṣà àti sí ẹnìkan tó bá dárúkọ, yóò fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gbígba owó tó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ ẹ̀tọ́ Bàbá nù fún ìgbà tó ń bọ̀. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí owó, Bàbá lè fi lẹ́tà kejì fòpin sí àdéhùn, kò sì gbọdọ̀ ta ilẹ̀ fún ẹlòmíràn ṣáájú lẹ́tà yìí. Yóò dá owó padà láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, tàbí nígbà tó bá tún ilẹ̀ tà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bó bá tún un tà ní ₦1,500,000, kò pàdánù nǹkan kan. Yóò mú ₦120,000, yóò sì dá ₦580,000 padà fún tíṣà. Bó bá jẹ́ ₦1,000,000 ló rí tà á, ó pàdánù ₦200,000. Owó ìdánilójú ti bo ₦120,000 níbẹ̀, yóò yọ ₦80,000 sí i, tíṣà yóò gba ₦500,000. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnìkejì jẹ.

Ìwà kan wà tí gbólóhùn ṣọ́ọ̀bù ń bí, tí inú mi kì í dùn sí. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti àárín 2023 tí owó ilẹ̀ sì fò sókè, àwọn olùtà kan kábàámọ̀ iye tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí olùrà bá gbé owó ìkẹyìn dé, a ò ní bá wọn nílé. Fóònù kò ní lọ. Ọjọ́ á kọjá, wọ́n á sì ní ó ti yẹ àdéhùn. Ìwà jìbìtì ni, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju ìlà kan lọ: kí ìwé dárúkọ àkáǹtì báǹkì tí owó yóò máa wọ̀, kó sì sọ pé owó tó bá ti wọ ibẹ̀ ti dé ọwọ́ olùtà. Kí olùrà náà má kọ́lé títí owó yóò fi pé, àyàfi bí olùtà bá gbà á láyè nínú ìwé, nítorí ohun tí a bá rì mọ́ ilẹ̀ máa ń bá ilẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ẹbí tún ní tirẹ̀. Oṣù mẹ́wàá gùn. Olórí ẹbí lè kú kó tó pé. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló tẹ̀ka, àwọn àgbà ẹbí lè lọ sí kóòtù kó fagi lé títà náà. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn àgbà ló tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kò sí títà rárá. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà. Níbi tí àgbàlagbà kan kò bá ti mọ̀wé, òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí ẹni tó kọ ìwé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀, kó sì jẹ́rìí pé a kà á, a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Púpọ̀ nínú ìwé ilẹ̀ wa kò ní ìlà yìí, ibẹ̀ sì ni lọ́yà alátakò máa ń kọ́kọ́ wò.

Ohun tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lókè ìwé: pé olùtà ti ta ilẹ̀ náà pátápátá fún olùrà. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ pátápátá nígbà tí owó oṣù mẹ́wàá ṣì kù? Kí ìwé sọ pé olùtà gbà láti tà á nígbà tí owó bá pé, àti pé lọ́jọ́ náà ni wọn yóò kọ ìwé títà gan-an. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ń béèrè ìyọ̀ǹda Gómìnà, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ibòmíràn, kí títà tó múlẹ̀. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò lọ gba ìyọ̀ǹda náà, ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àti iye ọjọ́ lẹ́yìn owó ìkẹyìn tí olùtà ní láti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.