Nígbà Tí Ọjà Bá Padà Sọ́dọ̀ Ẹni Tó Tà Á

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò kan ní Tchatchou bí àpẹẹrẹ. Ó ń ta sìmẹ́ntì lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnù lọ sí Parakou, Parakou ló sì ti ń ra ọjà rẹ̀ láwìn. Ó ra 200 àpò, ní 4,000 fáráńkì lórí àpò kan. Iye ọjà náà jẹ́ 800,000. Owó orí TVA, tí í ṣe 18 nínú 100, jẹ́ 144,000. Àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ wá di 944,000 fáráńkì. Nígbà tí wọ́n já ẹrù náà sílẹ̀, wọ́n rí i pé omi ti wọ inú 15 àpò, sìmẹ́ntì inú wọn sì ti le bí òkúta. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá náà ló gbé wọn padà.

Èló ni oníṣòwò yìí jẹ báyìí? Nínú ìwé ẹni tó tà á, 944,000 náà ṣì ni. Àpò tó padà kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní nóòtì dé débì. Ẹni tó rà ló ń kọ ọ́, tí ó fi ń sọ fún ẹni tó tà pé: mo ti yọ iye báyìí kúrò nínú gbèsè rẹ lọ́rùn mi, nítorí báyìí báyìí. Gbèsè tí a jẹ ẹni tó ń tajà fún wa máa ń wà ní apá ọ̀tún ìwé ìṣírò, èyí tí í ṣe kírédì. Ohun tó bá dín in kù, apá òsì, tí í ṣe débì, ni a ń kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ ni orúkọ ìwé náà ti wá.

Iye tí a óò kọ sínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iye tó wà lórí ìwé owó ọjà àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe iye tí sìmẹ́ntì ń lọ lónìí. Owó orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. 15 àpò ní 4,000 jẹ́ 60,000. TVA rẹ̀ jẹ́ 10,800. Àpapọ̀ jẹ́ 70,800. Bí oníṣòwò wa bá yọ 60,000 nìkan, ó ti gba owó orí ọjà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́rùn. Lábẹ́ ìlànà ìṣírò OHADA tí a tún ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, báyìí ni yóò ṣe wà nínú ìwé:

```
Débì   401   70,800
Kírédì 601   60,000
Kírédì 4452  10,800
```

401 ni gbèsè àwọn tó ń tajà fún wa, 601 ni ọjà tí a rà, 4452 sì ni TVA tí a lè gbà padà lórí ohun tí a rà. Gbèsè náà sọ̀ kalẹ̀ sí 873,200. Bí ó bá ti san 500,000 ṣáájú, 373,200 ló kù. Ẹni tó wà lábẹ́ owó orí kékeré TPS kì í gba TVA padà ní tirẹ̀. Gbogbo 70,800 náà ni yóò yọ kúrò lára iye ọjà, gbèsè rẹ̀ yóò sì dín kù ní iye kan náà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni nóòtì yìí. Ẹni tó tà gbọ́dọ̀ gbà, kí òun náà kọ ìwé àfúwáà tirẹ̀. Ní Benin, ìwé yìí a máa gba orí ẹ̀rọ e-MECeF kọjá. Àmì FA ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ó sì ń tọ́ka sí ìwé owó ọjà àkọ́kọ́. Òun ni ẹ̀rí tí ilé iṣẹ́ owó orí ń wò. Nítorí náà, kí nóòtì wa ní nọ́ńbà ìwé àkọ́kọ́ náà, ọjọ́ tí ọjà padà, iye àpò, ohun tó bà á jẹ́, àti ìbuwọ́lùwé awakọ̀ tó gbé e. Láìsí ìbuwọ́lùwé yìí, ẹni tó tà lè sọ pé àpò 12 ni òun rí, ẹnu a sì wọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń fara pamọ́. Nígbà tí ìwé àfúwáà bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, akọ̀wé lè tún kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tuntun. Gbèsè á wá dín kù lẹ́ẹ̀mejì, á dà bíi pé 302,400 ló kù dípò 373,200. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹ bá gbé ìwé yín sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn lóṣù: ìyàtọ̀ àárín méjèèjì á jẹ́ 70,800 gééré. Kí a lẹ ìwé àfúwáà mọ́ nóòtì tó ṣáájú rẹ̀, kí a má sì kọ ọ́ mọ́.

Bí oníṣòwò wa bá ti san 944,000 tán kí àpò tó padà ńkọ́? Nígbà náà, ẹni tó tà ló wá di onígbèsè, 70,800 ni ó sì jẹ. A kì í fi owó yìí pa mọ́ sábẹ́ gbèsè ti ẹlòmíràn. Orí 409 ni a ń kó o sí títí yóò fi fi ọjà mìíràn dí i, tàbí kí ó dá owó náà padà.